Eléré orí yìnyín kó apá mọ́ra: níbo ni àfikún agbára ti wá?



Bí ẹ bá ti wo ìdíje ijó orí yìnyín rí lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó ti rí i. Eléré á na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, á na ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀yìn, á máa yí po jẹ́jẹ́ lórí ẹsẹ̀ kejì. Lójijì, á kó apá mọ́ àyà, á sì fa ẹsẹ̀ tó nà mọ́ra. Kíá, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ranyin ranyin bí òkòtó, débi pé a ò ní lè dá ojú rẹ̀ mọ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó tì í. Kò tún fi ẹsẹ̀ ti yìnyín. Ó kàn kó ara jọ ni.

Àwọn tó ta òkòtó rí nígbà èwe mọ̀ pé òkòtó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí a bá ti fi ìka ta á tán, eré rẹ̀ á kàn máa dín kù ni, títí yóò fi ṣubú. Kò sí òkòtó tó ń jó lọ tó wá ṣàdédé yára sí i ní ìlọ́po mẹ́ta. Kí ni eléré yìí wá ní tí òkòtó kò ní?

Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún wa níléèwé ni pé ohun kan wà nínú ìyípo tí kì í yí padà bí ẹnikẹ́ni kò bá ti ìta dá sí i. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Nígbà tí ohun kan yẹn dúró bó ṣe wà, ohun mìíràn pọ̀ sí i gan-an: agbára tó wà nínú ìyípo náà. Agbára kì í ti òfìfo wá. Bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí yẹn gan-an la fẹ́ wá lónìí: ta ló san owó àfikún agbára yìí, báwo ló sì ṣe san án?

Orúkọ mẹ́ta tí a máa lò

Àkọ́kọ́ ni eré ìyípo. Ìyẹn ni iye ìgbà tí nǹkan yí po láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìṣirò, a kì í ka ìyípo kan ní 1. A máa ń kà á ní 2π, ìyẹn bíi 6.28. Àmì rẹ̀ ni ω.

Èkejì ni ohun tí mo máa pè ní agídí ìyípo. Ẹ rò ó báyìí: ilẹ̀kùn onígi tó fẹ̀ ṣòro láti jù padà ju ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Kì í ṣe ìwúwo nìkan ló fà á. Ibi tí ìwúwo náà wà kàn án pẹ̀lú. Bí ìwúwo bá ṣe jìnnà sí ojú ibi tí nǹkan ti ń yí po tó, bẹ́ẹ̀ ni agídí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Jíjìnnà yìí lágbára nínú ìṣirò, torí pé a máa ń fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Kílò kan tó wà ní mítà 0.8 sí àárín ní agídí 0.8 × 0.8, ìyẹn 0.64. Bí a bá fa kílò kan náà wá sí mítà 0.2, agídí rẹ̀ á di 0.04. A sún un mọ́ àárín ní ìlọ́po mẹ́rin, àmọ́ agídí rẹ̀ dín kù ní ìlọ́po 16. Ìdí nìyẹn tí apá àti ẹsẹ̀, tí kò wúwo tó àyà àti ikùn, fi lè yí gbogbo nǹkan padà. Àmì agídí ìyípo ni I.

Ẹ̀kẹta ni ẹrù ìyípo. Bí ẹ bá ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tí ẹ ó máa gbọ́ ni áńgúlà mòmẹ́ńtọ̀mù. Ẹrù ìyípo ni agídí tí a fi eré sọ di púpọ̀:

```
L = I × ω
```

Mo pè é ní ẹrù torí pé bí ẹrù ló rí lóòótọ́: ẹni tó ń yí po gbé e lọ́wọ́, kò sì lè sọ ọ́ nù àfi tó bá rí ohun mìíràn tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹrù yìí tó lè dín kù tàbí kó pọ̀ sí i, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ti ìta wá fi ipá lọ́ ọ. Nígbà tí eléré dúró lórí ojú irin bàtà tẹ́ẹ́rẹ́, tí yìnyín sì ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, yìnyín kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibi dì mú láti lọ́ ọ padà. Afẹ́fẹ́ náà ń gba díẹ̀, àmọ́ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi kó apá mọ́ra, kò tíì gba ohun tó tó nǹkan. Nítorí náà L dúró. Bí L bá dúró, tí I sì dín kù, ω gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà tó rọrùn, tó sì jọ ti ènìyàn. Nígbà tí eléré na apá àti ẹsẹ̀, kí agídí rẹ̀ jẹ́ 3. Nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra, kí ó jẹ́ 1. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyípo kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹrù ìyípo rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni 3 × 6.28, ìyẹn 18.8. Lẹ́yìn tó kó ara jọ, ẹrù náà ṣì jẹ́ 18.8, àmọ́ agídí ti di 1. Eré rẹ̀ di 18.8, ìyẹn ìyípo mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Títí dé ibí, ohun gbogbo wà bí ilé ìwé ṣe sọ.

Ó wá ku agbára. Agbára tó wà nínú ohun tó ń yí po ni:

```
E = ½ × I × ω²
```

Ẹ wò ó dáadáa. Agídí fara hàn lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ eré fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, agbára jẹ́ ìdajì 3 tí a fi 6.28 sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bíi júùlù 59. Ní ìgbẹ̀yìn, ó jẹ́ ìdajì 1 tí a fi 18.8 sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bíi júùlù 178. Agídí dín kù ní ìlọ́po mẹ́ta, èyí fẹ́ fa agbára wálẹ̀. Àmọ́ eré pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, èyí fà á sókè ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ìlọ́po mẹ́ta.

Àfikún náà jẹ́ bíi júùlù 118. Báwo ni èyí ṣe pọ̀ tó? Ó tó kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 12 láti ilẹ̀ lọ sórí tábìlì tó ga ní mítà kan. Kì í ṣe iṣẹ́ tó lè pa ènìyàn, àmọ́ ẹni tó bá ṣe é mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́. Eléré orí yìnyín ṣe iṣẹ́ yẹn láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn adájọ́.

Àlàyé kan tó dùn létí, àmọ́ tí kò tọ́

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ìdí tí eléré fi ń yára, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ pé: "Ṣebí òbìrípo tí ọwọ́ rẹ̀ ń rìn ti kéré sí i ni. Ọ̀nà kúkúrú, á tètè rìn ín tán." Ó dùn létí, àbí? Ohun tí àlàyé yìí ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé ọwọ́ náà ń bá eré tó ń sá tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀nà nìkan ló kúrú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, agbára kò ní pọ̀ sí i rárá, kò sì ní sí ìbéèrè kankan láti dáhùn.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ so rọ́bà tí a fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ mọ́ ọn lórí. Ẹ yọ inú bírò kan kúrò, kí ẹ ki okùn náà gba inú bírò náà kọjá. Ẹ di bírò mú ní òró, kí ẹ máa fi rọ́bà náà ju yípo lókè orí, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ kejì fa okùn náà wálẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé rọ́bà bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 60 sí bírò, ó ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ wá fà á títí ó fi ku sẹ̀ntímítà 30. Bí àlàyé ọ̀nà kúkúrú bá tọ́, rọ́bà yóò máa yí po lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ bí okùn kò bá fi ara ha bírò púpọ̀, ohun tí ẹ ó rí á sún mọ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀nà kúrú sí ìdajì, eré rọ́bà fúnra rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì.

Ẹ tún ṣe èkejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má fa okùn. Ẹ na ìka kan sókè, kí ẹ jẹ́ kí okùn máa wé ara rẹ̀ mọ́ ìka náà fúnra rẹ̀. Okùn náà ń kúrú, rọ́bà ń sún mọ́ ìka, ó sì ń yí po ní kíákíá sí i. Àmọ́ nígbà tó bá ku ìdajì okùn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò máa yí po, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹrin. Níhìn-ín, àlàyé ọ̀nà kúkúrú tọ́ pátápátá.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Nígbà tí okùn ń wé mọ́ ìka, kò sí ẹni tó ń fà á. Ní gbogbo ìgbà, rọ́bà ń rìn ní ìbú sí okùn, kò rìn tẹ̀lé e rárá. Ipá tó ń fa nǹkan ní ìbú sí ọ̀nà tó ń rìn lè yí ojú rẹ̀ sí ibòmíràn, àmọ́ kò lè mú eré rẹ̀ pọ̀ sí i. Nítorí náà agbára dúró. Ẹrù ìyípo ni kò dúró, torí pé okùn kò fa rọ́bà sí àárín ìka gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ìka ló ń fà á sí, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ lọ́ ọ padà díẹ̀díẹ̀. Nínú ti bírò, ọ̀rọ̀ yí padà: okùn ń fà á sí àárín gan-an, nítorí náà ẹrù ìyípo dúró, àmọ́ ọwọ́ yín ń ṣiṣẹ́, nítorí náà agbára ń pọ̀ sí i.

Okùn méjèèjì kúrú bákan náà, síbẹ̀ èsì wọn yàtọ̀. Eléré orí yìnyín jẹ́ ti bírò, kì í ṣe ti ìka.

Ta ló san owó rẹ̀?

Ẹnì kan lè sọ pé: "Dúró ná. Bí ipá bá ń fa nǹkan sí àárín, tí nǹkan náà sì ń yí àárín po, ṣé kì í ṣe ìbú náà ni ipá yẹn wà sí i? Báwo ló ṣe wá ń mú un yára?" Ìbéèrè gidi nìyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá ń fa nǹkan wọlé, kì í tún rìn nínú òbìrípo mọ́. Ó ń rìn bí ìlà ara ìkarahun ìgbín, tó ń yí po tó sì ń wọlé. Ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ síwá díẹ̀ sí àárín. Nítorí náà, apá kan nínú fífà wa bọ́ sí ọ̀nà tó ń rìn, ó sì ń tì í síwájú. Apá kékeré yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá dáwọ́ fífà dúró, ọ̀nà á padà di òbìrípo, àfikún eré á sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lára ènìyàn tó jókòó sórí àga ọ́fíìsì tó ń yí po, tó di ìgò omi kílò méjì-méjì mú lọ́wọ́ méjèèjì. Kí agídí òun àti àga náà, láìka àwọn ìgò mọ́ ọn, jẹ́ 1.44, a ò ní ka ìwúwo apá fúnra rẹ̀, kí ìṣirò lè rọrùn. Ìgò wà ní mítà 0.8 sí àárín. Agídí wọn méjèèjì jẹ́ 2 × 2 × 0.64, ìyẹn 2.56, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 4. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ìyípo ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wá fa ìgò wọlé díẹ̀díẹ̀ títí dé mítà 0.2. Agídí di 1.6. Eré di ìlọ́po méjì ààbọ̀. Agbára lọ láti bíi júùlù 19.7 sí bíi 49.3. Àfikún rẹ̀ jẹ́ 29.6.

Èmi tí mo ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun kì í fẹ́ gba irú nọ́ńbà báyìí gbọ́ tí mi ò bá tíì gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbàgbé agbára ìyípo fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka iṣẹ́ tí ọwọ́ ṣe nìkan. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ipá tí ọwọ́ fi ń fa ìgò kan ni m × ω² × r. A ó pín ìrìn náà sí ẹsẹ̀ kéékèèké, a ó fi ipá sọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, a ó sì ro wọ́n pọ̀ fún ìgò méjèèjì:

```python
from math import pi
m, I0 = 2.0, 1.44
L = (I0 + 2*m*0.8**2) * pi
r, dr, W = 0.8, 0.0001, 0.0
while r > 0.2:
    w = L / (I0 + 2*m*r*r)
    W += 2 * m * w*w * r * dr
    r -= dr
print(round(W, 1))
```

Ohun tó tẹ̀ jáde ni `29.6`. Kò sí ibì kankan nínú ètò yìí tí a ti kọ ½ × I × ω². Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan la kà, ó sì bá àfikún agbára mu rẹ́gí. Iṣan apá ló san owó náà. Oúnjẹ tí eléré jẹ ló sì fún iṣan lówó tó fi san án.

Ohun kan tún wà nínú ìṣirò yìí tí ẹ lè fi ara yín mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgò kan ń fa ọwọ́ síta bíi ìwúwo kílò 1.6. Bí ẹ ṣe ń fà á wọlé, kì í rọrùn sí i. Ó ń le sí i ni, torí pé eré ń pọ̀. Nígbà tí ìgò bá dé bíi sẹ̀ntímítà 35, fífà náà ti dé ògógóró rẹ̀, bíi kílò mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgò kílò méjì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀, torí pé jíjìnnà ti ń kéré ju bí eré ṣe ń pọ̀ lọ. Nígbà tó bá dé sẹ̀ntímítà 20, ó ti padà sí bíi kílò 2.5. Ẹni tó bá ṣe é lójú ara rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé iṣan ń ṣiṣẹ́.

Báwo ni eré ìgò ṣe wá di eré gbogbo ara? Bí ìgò bá wà ní òmìnira, á máa sáré ju ara lọ bó ṣe ń wọlé. Àmọ́ ọwọ́ dì í mú. Nítorí náà ìgò ń ti ọwọ́ síwájú, ọwọ́ ń fa èjìká, èjìká sì ń fa gbogbo ara tẹ̀lé e. Bákan náà ni apá eléré ṣe ń ṣe, ìgò nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó bá tún na apá

Ẹ jẹ́ ká padà sórí yìnyín. Eléré tó fẹ́ parí ìyípo rẹ̀ á na apá síta, eré rẹ̀ á sì já wálẹ̀ láti ìyípo mẹ́ta sí ọ̀kan. Agbára náà á já láti júùlù 178 sí 59. Ibo ni júùlù 118 yẹn lọ? Ṣé ó padà sínú iṣan bí ẹni dá owó padà sí báńkì?

Rárá o. Apá fúnra rẹ̀ ló fẹ́ fò síta. Iṣan ń dì í mú kó má baà lọ ní jàgàjàgà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń tẹ bíréèkì mọ́tò. Agbára tí iṣan gbà sílẹ̀ lọ́nà yẹn di ooru nínú ara ni. Kò tún di oúnjẹ mọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń kó apá wọlé tó tún ń nà án jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, eré rẹ̀ á máa padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ á ti san owó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ara rẹ̀ á sì ti gbóná.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó láti dá ẹjọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ó bá ń ká fídíò. Fún eléré inú àpẹẹrẹ wa, ìyípo kan gba àwòrán 30 nígbà tí apá wà níta. Bí ẹrù ìyípo bá dúró, ìyípo kan gbọ́dọ̀ gba àwòrán 10 lẹ́yìn tó kó ara jọ. Bí ó bá jẹ́ pé agbára ló dúró, eré á pọ̀ sí i ní ìlọ́po √3 péré, ìyẹn bíi 1.73, ìyípo kan á sì gba bíi àwòrán 17. Àárín 10 àti 17 fẹ̀ tó kí ojú lásán lè mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ronú nípa èyí tí mo bá ń wo géèmù kọ̀ǹpútà: ẹni tó bá kọ ètò rẹ̀ pé kí agbára má yí padà nígbà tí eléré kó apá, eléré inú géèmù náà á máa yí po bí ẹni tó rẹ̀, a ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é.

Bí ẹ bá lo àga ọ́fíìsì, ẹ mọ̀ pé ọ̀tá yín ni irin tó wà lábẹ́ àga. Òun ń lọ́ yín padà ju bí yìnyín ṣe ń lọ́ eléré lọ, ó sì ń jí ẹrù ìyípo yín lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ iye tó jí nìyí. Ẹ na apá, kí ẹnì kan ti yín, kí ẹ ka àwòrán fún ìyípo kan. Ẹ kó apá mọ́ra, kí ẹ tún kà. Ẹ wá tún na apá padà, kí ẹ kà lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ti ẹ̀ẹ̀kẹta bá jọ ti àkọ́kọ́, àga yín dára, ẹ lè gbára lé èsì ti àárín. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán 60, tó sì jẹ́ 90 lẹ́ẹ̀kẹta, àga ti jí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrù yín lọ. Ẹ tètè kó apá, kí ẹ sì tètè nà án, kí àga má baà rí àyè jalè.

Ẹ kúrò nítòsí tábìlì o. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹnì kan dúró ti yín. Kí ẹ má sì dìde kíá. Òòyì kò mọ ẹni tó kàwé.

Ibi tí iṣan ti ń dé òpin

Nísinsìnyí tí a ti mọ ẹni tó ń sanwó, a lè lóye ohun tí àwọn ọ̀gá eré yìí ń là kọjá. Ní ọdún 2015, Olivia Rybicka-Oliver, ọmọ Kánádà, yí po ní ìwọ̀n ìgbà 342 ní ìṣẹ́jú kan ní ìlú Warsaw, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ Guinness. Ìyẹn jẹ́ ìyípo 5.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi eré yẹn sínú m × ω² × r, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sí sẹ̀ntímítà 15 péré sí àárín. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ náà fẹ́ fò síta pẹ̀lú ipá tó tó bíi 20 ìlọ́po ìwúwo rẹ̀. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, kíkó ọwọ́ mọ́ àyà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò bá lè di ọwọ́ mú níbẹ̀, ọwọ́ á sún síta, agídí á pọ̀, eré á sì wálẹ̀.

Ti fífò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ilia Malinin, ọmọ Amẹ́ríkà, di ẹni àkọ́kọ́ tó fo áksẹ̀lì onímẹ́rin nínú ìdíje tó sì balẹ̀ dáadáa, ní Lake Placid ní ìpínlẹ̀ New York. Ìyípo mẹ́rin ààbọ̀ ni, lójú òfurufú. Láti ìgbà tí irin bàtà bá ti kúrò lórí yìnyín, kò sí ohun kan tó tún lè fún un ní ẹrù ìyípo sí i. Gbogbo ẹrù tó máa lò gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbéra, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ti yìnyín. Ohun tó kù fún un ní òkè ni kó fa apá wọlé kíákíá, kó sì dì í mú. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ṣòfò kó tó kó o tán, ó ti pàdánù apá kan ìyípo, ilẹ̀ kò sì ní dúró dè é.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín léèrè pé ṣé nǹkan kan yí padà nígbà tí eléré kó apá mọ́ra, ẹ lè sọ fún un báyìí: ẹrù ìyípo kò yí padà, torí pé kò sí ẹni tó ti ìta wá lọ́ ọ. Agbára ló yí padà, torí pé apá ṣiṣẹ́. Òkòtó kò lè ṣe irú rẹ̀ láéláé, nítorí kò ní apá tó lè kó wọlé, kò sì jẹun láàárọ̀.